Àpólò Ojú Kan

Mutmainah mọ òórùn ọkọ rẹ̀. Òórùn òjé tí iná yọ́. Òórùn sìpírítì tí ó fi ń nu inú fóònù. Bí Sàká bá ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Kokomlemle, ní Accra, dé ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dì mọ́ ọn díẹ̀. Sàká rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́. Àyẹ̀wò sì ni pẹ̀lú.

Owú ti wà lára Mutmainah kí ó tó mọ Sàká rárá. Àdúgbò Alajo ní Accra ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó ìyàwó mẹ́ta sí. Ìyá rẹ̀ ni ti àárín. Ìyáálé ló ni ọlá, ìyàwó kékeré ló ni ọkọ. Ti àárín ń dáná. Láti kékeré ni Mutmainah ti mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mọ ẹnu ọ̀nà tí ìró náà máa ń dákẹ́ sí. Kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí Sàká fẹ́ fẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ló bá a sọ kí wọ́n tó so yìgì.

"Èmi nìkan."

Sàká rẹ́rìn-ín. "Owó fóònù bíbàjẹ́ wo ni mo fẹ́ fi bọ́ ẹlòmíì?"

Mutmainah ń ta híjàábù àti ìborùn lẹ́bàá títì ní Alajo, ó bí Yusif, ó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn. Kò burú.

Wàhálà rẹ̀ ní orúkọ: Afua.

Afua ń ta àpò fóònù ní ìsọ̀ tó fara kan ti Sàká. Pákó kan ṣoṣo ló pa wọ́n láàlà, pákó náà kò sì ga. Ọmọ Asante ni, ẹlẹ́rìn-ín ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sí ojú kan bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Twi ló ń bá Sàká sọ. "Alata mi," bẹ́ẹ̀ ló ń pè é. Kò sí ohun tó burú nínú Alata, gbogbo Accra ló ń pe Yorùbá bẹ́ẹ̀. "Mi" yẹn ni Mutmainah kò lè gbé mì.

Lẹ́yìn náà ni Àpólò dé ìlú.

Ojú pọ́n káàkiri. Nínú ọkọ̀ èrò trotro, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ẹnikẹ́ni tó bá wọ awò dúdú, àwọn èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mutmainah gbé oúnjẹ lọ sí Kokomlemle lọ́jọ́ kan, ó bá Afua tí ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí ata, tí ó ń fi bébà nu ipin. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Sàká jí pẹ̀lú ojú òsì tó pọ́n.

"Àpólò ni," ó ní.

"Ta ló kó o ràn yín?"

"Ìlú ni, Ìyá Yusif."

"Ìlú wo? Nínú ilé yìí, ojú ta ló pọ́n?"

Ìyá Nafisa, tó ń ta ògì kókò àti àkàrà kọ́ọ́sẹ níwájú ilé wọn, ni ó da epo sí iná náà. Àgbà obìnrin ni, ó ti sin ọkọ méjì. Bí ó ṣe ń da kókò sínú ike ló ń sọ̀rọ̀. "Àwọn kan ní bí èèyàn bá wo ojú ẹni tó ní Àpólò, á ràn án. Irọ́ ni. Ṣé wíwò lásán ni? Ìrọ̀rí ló ń ràn án, ọmọ mi. Ìrọ̀rí kan náà."

Mutmainah gba kókò rẹ̀, ó gbàgbé kọ́ọ́sẹ.

Ìrọ̀rí kan náà.

Ó kó aṣọ ìbora Sàká lọ sí pálọ̀. Ó ya táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ya korobá rẹ̀ sọ́tọ̀. "Kí Yusif má baà kó o," ó ní. Sàká gbà pé ọgbọ́n ni. Ó ra oògùn Àpólò ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ó ń kán an, ó sì ń sùn lórí àga gígùn bí àlejò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹ̀yìn Sàká ti máa ń le láàárọ̀. Bí ó bá jí, ògiri ló ń dì mú. Á tẹ̀ bí arúgbó, á rìn yí ilé ká, á wẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tó dẹ̀. Ìgbà mìíràn ìrora náà á jí i ní ìdájí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ kiri, á sàn. Ọrùn rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mutmainah kò ka gbogbo èyí sí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó ni, ó máa ń wí. Báyìí ó fi ojú mìíràn wò ó. Ẹ̀yìn tó le nílé, tó dẹ̀ ní ìsọ̀. Ẹ̀yìn wo ló máa ń sàn bí ó bá ti jìnnà sí ìyàwó?

Ojú Afua sàn. Ojú gbogbo àdúgbò sàn. Ti Sàká kò sàn. Ó wọ awò dúdú nínú ilé. Ó ń pa gílóòbù ilé ìdáná. Fóònù mẹ́ta padà wá bá a nítorí pé kò rí ojú waya dáadáa. Ohun gbogbo ń ṣe bàìbàì, ó ní, bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú omi ọṣẹ.

Awò dúdú yẹn ni Mutmainah kò fara mọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé inú ọmọlójú ni irọ́ ń gbé, pé ọmọlójú òpùrọ́ kì í dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí Yusif wà ní ilé kéú, ó jókòó síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ yọ awò yẹn."

"Ìmọ́lẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹ yọ ọ́, ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ fún mi pé kò sí nǹkan láàárín ẹ̀yin àti Afua."

"Afua?" Sàká yọ awò náà nítorí ìyàlẹ́nu. "Afua wo?"

Mutmainah tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí i lójú. Ojú ọ̀tún, èyí tó funfun, ló tàn án sí. Sàká kígbe. Ojú òsì ló sì dì mú.

Mutmainah dúró. Ojú ọ̀tún ni mo tan iná sí. Kí ló dé tí òsì fi dùn ún?

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́." Ìbínú ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. Ó wo ojú náà bí kò ṣe wò ó rí láti ìgbà tó ti pọ́n. Kò sí ipin. Kò sí ipin rárá, kò sì sí ìgbà kan tí ipin wà níbẹ̀. Pípọ́n náà kò dà bí ti Afua, tó gba gbogbo ojú. Ó yí dúdú ojú ká ni, ó ki jù níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òwú pupa rán etí rẹ̀ yí ká. Ọmọlójú ọ̀tún rí róbótó. Ti òsì kéré. Kò sì rí róbótó. Etí rẹ̀ kan fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ihò aṣọ tí abẹ́rẹ́ fà.

Ó wá ẹ̀rí irọ́ níbẹ̀. Ohun tó rí dẹ́rù bà á ju irọ́ lọ.

"Bàbá Yusif, èyí kì í ṣe Àpólò."

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ojú. Dókítà Kwabena jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́, Twi ló bá wọn sọ. Ó ní kí Sàká gbé àgbọ̀n lé irin ẹ̀rọ kan, ó ta ìtànṣán tín-ín-rín sínú ojú náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ ti rí eruku tó ń fò nínú oòrùn tó bá gba ojú fèrèsé wọlé rí?" ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni inú ojú yìí rí. Kì í ṣe eruku. Àwọn ọmọ ogun ara ni, wọ́n wọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n wà. Àpólò, awọ òde ojú ló ń bá jà. Èyí, inú ẹyinjú ló ti wú. Yúfeáítísì là ń pè é. Awọ tó yí ọmọlójú ká ti ń lẹ̀ mọ́ dígí inú ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọlójú fi wọ́."

"Ta ló kó o ràn án?" Mutmainah bi í.

"Kò sẹ́ni tó kó o ràn án. Kì í ràn bí Àpólò."

Kò sẹ́ni. Mutmainah gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń wo owó ayédèrú.

Dókítà tún ní ojú nìkan kọ́ ni òun ń wò. Àìsàn yìí máa ń tẹ̀lé àìsàn mìíràn nínú ara. Ó bi Sàká bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ó ń rù, bóyá egbò ń yọ sí i lẹ́nu, bóyá ara rẹ̀ ń sú. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀ nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn ìbálòpọ̀ kan.

Mutmainah gbé orí sókè. "Àrùn kí ni?"

"Gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí báyìí ni mo máa ń yẹ̀ wò fún un, Maame. Ó lè fa èyí."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, dókítà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì."

Sàká pa ojú méjèèjì dé.

"Oríkèé ńkọ́?" dókítà bèèrè. "Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn!" Mutmainah gbà á kí ọkọ rẹ̀ tó lanu. "Ẹ bi í nípa ẹ̀yìn. Bí ó bá wà nílé, igi gbígbẹ. Bí ó bá dé Kokomlemle, ó ti di ewé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ro ẹjọ́. Ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Ó máa ń le láàárọ̀? Bí ó bá ń rìn, á sàn? Bí ó bá sinmi, kì í sàn?" Ó yíjú sí Sàká. "Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó pé ọgbọ̀n ọdún," Sàká ní. "Bàbá mi náà ní Ẹjìgbò, ó tẹ̀ kí ó tó darúgbó. Ilẹ̀ ló ń wò títí ó fi kú."

Dókítà fi àwòrán ìbàdí kún un.

Bí wọ́n ṣe ń retí èsì, Mutmainah kò sùn dáadáa. Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an kò yé òun fúnra rẹ̀. Bí èsì bá mú Sàká, òótọ́ rẹ̀ ti jáde. Bí kò bá mú un, ta ni yóò wá bá wí? Nígbà tí dókítà ní àyà mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ kò ní àrùn ìbálòpọ̀ kankan, inú rẹ̀ dùn. Kò dùn tó bí ó ṣe yẹ. Ìbàdí ni àìsàn náà wà: oríkèé ibi tí eegun ẹ̀yìn ti so mọ́ eegun ìdí, apá ọ̀tún àti òsì, ti wú, ó sì ń jẹ. Àmì àjogúnbá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ Sàká tó máa ń bá irú rẹ̀ rìn. Ẹ̀yìn àti ojú, àìsàn kan náà. Wọ́n máa darí rẹ̀ sí dókítà oríkèé.

Oògùn ojú ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgò méjì. Ọ̀kan ń pa wíwú náà: wákàtí kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa kán an níwọ̀n ìgbà tí Sàká bá lajú. Èkejì ń ṣí ọmọlójú sílẹ̀ gbàgà, kí ó má baà lẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìrora sì dínkù. Ó máa mú kí nǹkan itòsí ṣòro láti rí, ó máa mú kí oòrùn máa ta á lójú, ṣùgbọ́n kí wọ́n fara dà á. "Ẹ má dá èyí tó ń pa wíwú dúró fúnra yín," dókítà ní, "bí ojú bá tilẹ̀ funfun. Èmi ni mo máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì lọ máa rà á lẹ́yìn mi. Ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa padà wá."

Wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọrùn Sàká kò tẹ̀ sẹ́yìn. Kò lè kán an fúnra rẹ̀. Ní ilé, Mutmainah ń gbìyànjú. Ní ìsọ̀ ńkọ́? Kò bi í. Sàká kò sọ. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ìrora lọ, ó padà sí iṣẹ́, ó ń fi ojú kan tún fóònù ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Mutmainah se ìrẹsì, ó wọ trotro lọ sí Kokomlemle láìsọ.

Sàká jókòó, ó fẹ̀yìn ti pákó ààlà. Afua dúró lé e lórí. Àtẹ́lẹwọ́ kan ní iwájú orí rẹ̀. Àtàǹpàkò ń fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí èso. Ojú wọn kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ síra.

Mutmainah gbé ìrẹsì kalẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá, ó gba ìgò náà lọ́wọ́ Afua, ó sì fi Yorùbá pè é ní orúkọ tí obìnrin kì í gbàgbé.

"Mutmainah!" Sàká ní.

"O ò ní ọwọ́? O ò ní ìyàwó?" Tí "ẹ" bá ti di "o" lẹ́nu rẹ̀, Sàká ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. "Ilé ni wọn á ti máa kán an. Èmi ni n óò máa kán an."

Ó gbé ìgò méjèèjì lọ sílé. Àárọ̀, alẹ́. Ìyẹn ni ó lè ṣe. Sàká kò jà. Ojú ti funfun, àlàáfíà dára. Ó dàbí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Sàká jí pẹ̀lú ìrora tó gba apá kan orí rẹ̀. Ojú tún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Dókítà Kwabena wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ títí. "Ó ti tún lẹ̀. Ojú ibi mẹ́ta báyìí. Ta ló dín oògùn kù?"

"Èmi ni, dókítà," Sàká ní. "Mo rò pé ó ti sàn."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Mutmainah wò ó, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ọpẹ́. Ṣé bí ó ṣe mọ irọ́ pa nìyí? Ó ti mọ̀ ọ́n pa tó báyìí, n kò sì mọ̀? Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ irọ́ náà kàn án, ó sì wọ̀ ọ́ lára bí òtútù.

"Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kán an fún un."

Dókítà kò bi í ní ìdí. "Maame, inú ojú ní omi tó ń ṣàn gba inú ọmọlójú kọjá. Bí etí ọmọlójú bá lẹ̀ yíká pátá, omi kò ní ríbi gbà. Ìfúnpá á gòkè, á pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Èyí tó bá kú níbẹ̀ kì í jí. A ṣì lè dènà rẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti òní. Èyí tó ń ṣí ọmọlójú, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára. Lọ́la, ẹ padà wá."

Mutmainah kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ti ìsọ̀ híjàábù, ó tẹ̀lé Sàká lọ sí Kokomlemle. Ó tẹ ìgò náà. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èkejì wọ irùngbọ̀n.

"Ojú ló ń dùn mí o," Sàká ní, "àgbọ̀n mi kò ní nǹkan kan."

Afua wà ní ìkejì pákó, ó ń to àpò fóònù, kò wo ibẹ̀. Ó ń to ohun tó ti wà létòlétò.

Mutmainah yí pákó náà ká lọ bá a. Ìgò wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Afua."

"Sister." Òtútù ń bẹ nínú ohùn rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi kán an."

"Ohun tí o pè mí níjọ́sí." Afua ṣì ń fi Twi sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà gan-an ló fi Yorùbá pè, gbogbo rẹ̀ pátá, láìṣì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé pẹ̀lú àwọn Alata. Mo gbọ́."

"Má bínú."

"Mo ní ọkọ ní Kumasi. Tìrẹ yìí, mo gé irun mi kanlẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló tó mọ̀."

"Kì í wo èèyàn," Mutmainah ní. "Tèmi náà, kì í mọ̀."

Afua fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ìyá ìyá mi ní ìfúnpá ojú. Àwa ọmọ ló yẹ kí a máa kán oògùn rẹ̀. A máa ń gbàgbé, a máa ń sáré lọ ṣeré. Nígbà tí mo dàgbà, ọwọ́ ló fi ń mọ ojú mi." Ó na ọwọ́. "Mú un wá. Kì í ṣe nítorí rẹ. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ náà."

Mutmainah kò tíì fi ìgò sílẹ̀. "Ojú rẹ̀ nìkan o."

"Àbí kí n kán an sí i létí?"

Mutmainah gbé ìgò náà fún un. Ó lọ dúró sẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọrùn ọkọ rẹ̀ tí kò tẹ̀. Afua fa ìpéǹpéjú. Ẹ̀kán kan. Ó bọ́ sí ibi tó yẹ. Owú gun Mutmainah, ó sì di ọrùn náà mú, kò mì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí Mutmainah kò bá lè wá, Afua nìkan ni. Àwọn ọjọ́ yẹn, híjàábù kì í tà. Ó máa ń gbàgbé iye tí oníbàárà dá.

Ibi méjì tó lẹ̀ já. Ẹ̀kẹta kò já; ó ti pẹ́ jù, dókítà ní, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò ní dí omi lọ́wọ́. Eruku inú ìtànṣán dínkù, ó sì tán. Ìfúnpá dúró síbi tó yẹ. Sàká ka lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ pátákó ìdánwò ojú. Dókítà oríkèé fún un ní oògùn, ó sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá, kí ẹ̀yìn má baà gan. Àìsàn náà lè padà wá, wọ́n ní. Ọjọ́ tí ojú bá pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ta á, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n dé.

Wọ́n dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ilé ló ti tó. Mutmainah lọ gba ìgò náà lọ́wọ́ Afua. Ó mú ìborùn aláwọ̀ ewé kan dání fún un. Afua gbà á, ó wé e lórí irun kúkúrú náà, ó sì rẹwà sí i. Mutmainah kábàámọ̀ àwọ̀ tó yàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́bàá fèrèsé, ó fa ìpéǹpéjú Sàká wálẹ̀. Ẹ̀kán kan. Ó bọ́ síbi tó yẹ. Kò gbé ojú kúrò. Ibi tí ọmọlójú ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀nà imú, ó kéré bí irúgbìn. Ẹni tí kò bá súnmọ́ ọn dáadáa kò lè rí i.

"Ǹjẹ́ Afua ti rí i?"

"Rí kí ni?"

"Kò sí," ó ní, ó sì tún súnmọ́ ọn.